Gbólóhùn Àkọ́kọ́ Ni Mo Fi Ń Jẹ́wọ́ Owó

"Ẹ̀gbọ́n, bàtà yìí mà dáa o. Ṣé ẹ rà á ni àbí wọ́n fún yín?"

Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ sábẹ́ pósítì tí mo kọ́kọ́ gbowó ṣe nìyẹn. Inú bí mi díẹ̀ nígbà tí mo kà á. Ní tèmi, mo ti sọ ọ́. Mo ti kọ #ad síbẹ̀, ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìpolówó. Mo dá a lóhùn pé kó wo ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tó fi fèsì padà: "Ìsàlẹ̀ ibo, Ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní kí n yà á ní fọ́tò kí n fi hàn án. Mo ṣí pósítì náà lórí fóònù mi bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Àwòrán bàtà ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlà méjì nípa bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń ro mí tí mo bá dúró pẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kékeré tí Instagram máa ń fi sí ibi tó bá ti gé ọ̀rọ̀ ẹni: … more. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìpínrọ̀ mẹ́rin tú jáde. Mo kà wọ́n tán, mo wá bá agbo háṣítáàgì 22 nísàlẹ̀. #ad wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òun ni ìkejìdínlógún, ó há sáàárín méjì tó gùn jù ú lọ. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀, mo wá a kí n tó rí i.

Ìbéèrè ẹni yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kò bú mi, kò ní mo purọ́. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tí oníbàárà èyíkéyìí máa fẹ́ mọ̀ kó tó fi owó rẹ̀ ra nǹkan: ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ra ọjà náà ni, àbí wọ́n gbé e fún un pẹ̀lú owó lọ́wọ́? Mo sì ti fi ìdáhùn pamọ́ fún un síbi tí kò lè dé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá bí mo ṣe lè máa sọ ọ̀rọ̀ owó yìí kó hàn gbangba, kí kápúṣọ̀n mi, ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ sábẹ́ àwòrán, má sì dà bí ìwé tí lọ́yà kọ. Ibi tí mo bá a dé ni mo fẹ́ sọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dá lé: èyí tó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ìsàlẹ̀ fi burú. Kápúṣọ̀n Instagram lè gba lẹ́tà 2,200, ṣùgbọ́n nǹkan bí 125 àkọ́kọ́ ló máa ń hàn kí wọ́n tó gé e. Ó lè dín, ó lè lé, fóònù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù lọ sókè kò ní ìdí kan tó máa fi tẹ … more àyàfi tí ìlà méjì yẹn bá mú un. Nítorí náà, kápúṣọ̀n méjì ni a máa ń kọ ká tó mọ̀: èyí tí gbogbo èèyàn máa rí, àti èyí tí àwọn díẹ̀ máa rí. Tí mo bá fi ìyìn ọjà sínú ti àkọ́kọ́, tí mo wá fi ọ̀rọ̀ owó sínú ti kejì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa gbọ́ ìyìn tí wọn ò ní gbọ́ owó.

Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, FTC, ti rí èyí tipẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n kọ lẹ́tà tó lé ní 90 ránṣẹ́ sí àwọn ínfulúẹ́nsà, ìyẹn àwọn tó ń fi òkìkí wọn lórí ìkànnì yin ọjà, àti sí àwọn tó ń tajà. Nínú lẹ́tà náà ni wọ́n ti sọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ more, àti pé tí háṣítáàgì bá ti pọ̀ jọ sójú kan, àwọn òǹkàwé máa ń fò ó ni. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n ṣe ìwé kékeré kan jáde fún àwọn ínfulúẹ́nsà. Kò le kà rárá. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó dá mi dúró: wọ́n ní kí ìjẹ́wọ́ náà wà ní èdè kan náà tí èèyàn fi yin ọjà.

Mo kà á, mo tún padà sórí #ad mi. Yorùbá ni mo fi kọ gbogbo ìpínrọ̀ mẹ́rin yẹn. Ẹni tó ń kà mí nítorí pé Yorùbá ni mo fi ń kọ̀wé, kí ni "ad" máa sọ fún un? Lẹ́tà méjì lásán. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í tilẹ̀ fi "d" parí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa rò pé mo ṣì í tẹ̀ ni.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó máa ṣe iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ pọ̀ lédè wa bó ṣe pọ̀ lédè àwọn ẹlòmíràn. Mo kọ́kọ́ lo "Èmi àti @orukoile jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀." @orukoile dúró fún orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ wá. Gbólóhùn náà dùn létí. Ṣùgbọ́n àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lè jẹ́ ọ̀gá méjì tó dá owó jọ, wọ́n lè jẹ́ ẹni méjì tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sọ ẹni tó sanwó fún ẹnì kejì. Mo tún lo "Ọpẹ́ mi lọ́wọ́ @orukoile." Ìyẹn burú jù ú lọ, torí ọpẹ́ ni a máa ń dá fún ẹni tó ṣoore. Bí mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sanwó iṣẹ́ fún mi, tí mi ò dárúkọ owó, mo ti sọ káràkátà di inú rere nìyẹn. Lẹ́tà FTC ọdún 2017 pàápàá mẹ́nu kan irú ọpẹ́ yìí, pé kò tó.

Lẹ́yìn náà ni mo dé orí "onígbọ̀wọ́." Ọ̀rọ̀ tó níyì ni, a máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò: onígbọ̀wọ́ ètò yìí ni lágbájá. Mo lò ó fún bí oṣù mélòó kan kí ẹnì kan tó bi mí, láìfi ṣẹ̀fẹ̀ rárá, pé ṣé mo yáwó ni tí ilé-iṣẹ́ náà fi dúró fún mi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún èèyàn lè jẹ́ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pé tí onígbèsè bá sá, òun á san án. Ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ méjì kò yẹ níbi tí mo ti fẹ́ kí ohun kan ṣoṣo yé èèyàn.

Èyí tó gbọ́n jù nínú wọn ni "wọ́n." "Wọ́n fún mi ní báàgì yìí." "Wọ́n ní kí n gbìyànjú ẹ̀." "Wọ́n" yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń jí nǹkan, òun ló máa ń tan iná, òun ló máa ń sọ pé òjò á rọ̀. A máa ń lò ó níbi tí a kò bá fẹ́ tọ́ka sí ẹnì kankan, ó sì rọrùn lẹ́nu débi pé ẹni tó ń lò ó kì í mọ̀ pé òun ń sá fún orúkọ. Ẹ yọ "wọ́n," ẹ fi orúkọ tó sanwó sípò rẹ̀, gbólóhùn á dúró gírí.

Èdè wa sì ti pèsè ibì kan fún orúkọ yẹn. Nígbà tí a bá fẹ́ kí ẹnì kan mọ ẹni tó ṣe nǹkan gan-an, a kì í rọ́ ọ sẹ́yìn. A máa ń gbé e síwájú, a ó fi "ló" tì í. Èmi kọ́, òun ló ṣe é. Bàbá mi ló kọ́lé yìí. "@orukoile ló sanwó fún mi." Bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó wúlò fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò dùn ún fi ṣe ọ̀rọ̀ ìparí. Ó máa ń wá ipò rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fi "Ìpolówó ni" ṣáájú rẹ̀ nígbà tí mo bá fẹ́ kó tètè yé ẹni tó ń sáré. Ìpolówó kò lẹ́gbin létí Yorùbá. Ẹni tó ń polówó ọjà máa ń gbóhùn sókè ni. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló ń ṣe.

Bí gbogbo èyí ṣe rí nínú iṣẹ́ gidi ni mo fẹ́ fi báàgì kan ṣàlàyé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe báàgì àgbékọ́ èjìká kọ̀wé sí mi. Mi ò ní dárúkọ wọn. @Orukoile ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ jẹ́ ojú ewé méjì. Àwòrán kan, kápúṣọ̀n kan, kí n dárúkọ wọn, kí n lo háṣítáàgì wọn, kí n sì mẹ́nu kan ohun mẹ́ta: pé omi kò lè wọ inú rẹ̀, pé ó ní àpò kọ̀ǹpútà, pé ó fúyẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ti bá mi kọ àpẹẹrẹ kápúṣọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ ò lè gbà gbọ́ bí báàgì yìí ṣe yí ayé mi padà!" Mi ò tíì fọwọ́ kan báàgì náà lọ́jọ́ tí mo ka ìyẹn. Ayé mi ṣì wà bó ṣe wà.

Mo sọ fún wọn pé mo máa gbé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Mi ò ṣe ìyẹn kí n lè níyì lójú wọn. Ìdí méjì ló wà ńbẹ̀. Èkíní, ìwé FTC tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sọ ọ́ kedere pé èèyàn kò gbọ́dọ̀ sọ ìrírí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò lò rí, kò sì gbọ́dọ̀ ní ohun kan dára tí kò bá dára lójú òun fúnra rẹ̀. Ìkejì, èyí tó kan kíkọ jù: tí mi ò bá ní nǹkan gidi láti sọ nípa ọjà, mo máa ń fi ariwo dípò rẹ̀, ìgbà yẹn sì ni ìjẹ́wọ́ owó máa ń le lẹ́nu. Ẹni tó bá ní ohun kan pàtó tó fẹ́ sọ lè jẹ́wọ́ owó kó sì tẹ̀síwájú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo máa ń fẹ́ káwọn èèyàn má tíì gbọ́ nípa owó, torí tí wọ́n bá gbọ́ ọ, kò sí nǹkan mìíràn tó kù tí wọ́n máa gbọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, mo ń kọ nǹkan sínú fóònù mi bí mo ṣe ń rí i. Sípù rẹ̀ máa ń gbá aṣọ inú mú tí ẹrù bá kún, ní ibi tó ti fẹ́ yípo lókè. Àpò kọ̀ǹpútà kò balẹ̀ dé ìdí báàgì, àyè bí ìka mẹ́rin ló wà láàárín wọn, èyí tí mi ò tètè kíyè sí àfi lọ́jọ́ tí mo já báàgì sílẹ̀ lójijì tí ọkàn mi sì fò sókè, tí mi ò gbọ́ "gbì." Òjò pa mí lọ́jọ́ kan fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Mo délé, mo kó ẹrù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìwé kọ̀ọ̀kan wò. Gbogbo wọn gbẹ. Ẹnu sípù nìkan ló rin díẹ̀ nínú. Ní ti fífúyẹ́, mi ò rí nǹkan sọ. Báàgì ni.

Mo wá jókòó kọ ọ́. Èyí ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀: "Pósítì yìí jẹ́ ìpolówó tí @orukoile san owó rẹ̀. Gbogbo èrò inú rẹ̀ jẹ́ tèmi." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì wà lókè. Mo rò pé mo ti ṣe tán. Mo kà á sínú ohùn WhatsApp, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ìròyìn ni ẹ ń kà ni. Ìgbà tí ẹ dé orí sípù ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Ohun tó sọ yẹn ni mo fi ń yẹ kápúṣọ̀n wò títí dòní. Mi ò bi í bóyá ó dáa. Mo kàn ń gbọ́ ibi tí ohùn mi ti yí padà. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ yẹn kò ní "mi" kankan nínú àfi ní ìparí, "pósítì" ló jẹ́ ọ̀gá gbólóhùn. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ báyẹn lójúkojú láéláé. "Gbogbo èrò inú rẹ̀ jẹ́ tèmi" tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹni tó bá ń búra kí wọ́n tó fẹ̀sùn kàn án, ṣe ló ń jẹ́ káwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ọ̀rọ̀ sípù lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún mi láìsọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo fi ọ̀rọ̀ owó sínú yàrá tirẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo wá jáde bọ́ sínú ìtàn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí owó àti ìtàn jọ wà nínú yàrá kan náà. Kí ni wọ́n sanwó fún? Kí n gbé báàgì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Sípù. Owó náà gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, torí òun ló gbé báàgì dé ọwọ́ mi. Èyí tó jáde nìyí:

"Ìpolówó ni o. @orukoile ló sanwó fún mi kí n gbé báàgì yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi àti sípù rẹ̀ la kọ́kọ́ jà.

Tí mo bá ti kó ẹrù kún un, sípù máa ń gbá aṣọ inú mú níbi tó ti fẹ́ yípo. Mo ti kọ́ láti máa fi ìka kan ti aṣọ yẹn sẹ́yìn kí n tó fà á. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kánjú, ẹ fi sọ́kàn.

Ohun tó jẹ́ kí n máa gbé e lọ ni àpò kọ̀ǹpútà inú ẹ̀. Kò balẹ̀ dé ìdí báàgì, ó ku bí ìka mẹ́rin. Èmi máa ń ju báàgì sílẹ̀ tí mo bá ti délé, kọ̀ǹpútà mi ò sì tíì ró gbì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òjò pa wá lọ́jọ́ kan fún bí 20 ìṣẹ́jú. Ìwé inú ẹ̀ gbẹ, ẹnu sípù nìkan ló rin díẹ̀.

Wọ́n fún mi ní kóòdù kan fún yín: BAAGI10. Ẹ ó rí ẹ̀dínwó, èmi náà á sì rí díẹ̀ gbà lórí èyí tí ẹ bá fi rà."

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kò ju nǹkan bí 100 lẹ́tà lọ, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló wà lókè ibi tí wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò tẹ … more rárá ti gbọ́ pé ìpolówó ni, ó ti gbọ́ ẹni tó sanwó, ó ti gbọ́ pé sípù ní wàhálà díẹ̀. Ẹ sì tún wo ìpínrọ̀ ìparí. Owó tí mo ń rí lórí kóòdù yàtọ̀ sí owó tí wọ́n kọ́kọ́ san fún mi. Ẹni tó bá ń ra báàgì pẹ̀lú kóòdù mi ń fi nǹkan sápò mi, ó yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi tí kóòdù náà wà gan-an, kì í ṣe kó lọ fi ojú wá a lókè. ("Wọ́n" tún yọ́ wọlé síbẹ̀, mo mọ̀. Mo fi í sílẹ̀ torí pé orúkọ wọn ti wà lókè.)

Mo fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà pè mí lọ́jọ́ kejì, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ó dùn gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè gbé ọ̀rọ̀ owó yẹn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀? Kí àwọn èèyàn lè kọ́kọ́ gbádùn ìtàn yẹn."

Mo bi í pé tí wọ́n bá gbádùn ìtàn tán kí wọ́n tó mọ̀ pé owó wà níbẹ̀, ṣé inú wọn máa dùn nígbà tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òun náà ní ọ̀gá. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Lord & Taylor fún un, ilé ìtajà aṣọ kan ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, wọ́n fún ínfulúẹ́nsà 50 ní aṣọ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì san owó tó wà láàárín dọ́là 1,000 sí 4,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè gbé àwòrán ara wọn nínú aṣọ náà sórí Instagram. Ilé-iṣẹ́ náà yẹ pósítì wọn wò kó tó jáde, wọ́n tilẹ̀ tún àwọn kan kọ. Wọ́n rí i dájú pé orúkọ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, pé háṣítáàgì wọn wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò béèrè fún ni kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n sanwó fún òun. Láàárín ọjọ́ méjì, pósítì yẹn dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 11.4. Aṣọ náà tà tán. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2016, FTC ti fẹ̀sùn kàn wọ́n, wọ́n sì gbà láti má dán irú rẹ̀ wò mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ni ẹjọ́ dá lé, kì í ṣe àwọn ínfulúẹ́nsà yẹn.

Ibi tó mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́kàn ni yíyẹ̀wò yẹn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi kápúṣọ̀n han òun kó tó jáde kò lè sọ lẹ́yìn náà pé òun ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá tún ní kí n gbé ìjẹ́wọ́ kúrò lókè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ímeèlì. Mo sọ fún un pé kó fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kíkọ. Kò fi ránṣẹ́.

Sípù ló wá fẹ́ ká jọ sọ. Ó ní ṣé mo lè yọ ọ́. Mo ní mi ò lè yọ ọ́, torí tí ẹni tó bá rà á nítorí ọ̀rọ̀ mi bá rí sípù yẹn lọ́jọ́ kejì, orí mi ló máa padà wá sí. Ó tún ní kí n kọ ọ́ pé omi kò lè wọ inú báàgì láéláé. Ìyẹn náà ò ṣeé ṣe: òjò 20 ìṣẹ́jú ni mo rí, òjò 20 ìṣẹ́jú ni mo lè sọ. "Láéláé" nílò àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní ibi tí wọ́n ti ń dán báàgì wò, tí ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílẹ̀, kì í ṣe ìwé mi tó gbẹ. Èmi náà gbà fún un níbòmíràn. Háṣítáàgì wọn wọlé, èyí tí mo rò pé ó gùn jù. Àwòrán tí wọ́n fẹ́ ni a lò, kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ràn. Láti ìgbà yẹn, kí n tó gba iṣẹ́ ni mo máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbólóhùn tó jẹ́wọ́ owó wà lókè àti pé kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́. Ó rọrùn láti sọ ọ́ nígbà tí owó kò tíì wọlé.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni mo ń da ara mi láàmú fún nígbà tí Instagram ní àmì tirẹ̀, "Paid partnership," tó máa ń hàn lábẹ́ orúkọ ẹni. Mo máa ń tan án, ó wà lórí pósítì báàgì náà. Ṣùgbọ́n FTC fúnra wọn ní kí èèyàn má rò pé àmì tí ìkànnì pèsè tó tán. Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà mí, lẹ́tà rẹ̀ kéré, ojú sì máa ń tààrà lọ sórí àwòrán. Tí ẹnì kan bá da kápúṣọ̀n mi kọ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, àmì yẹn kò ní bá a lọ. Gbólóhùn mi á bá a lọ.

Fídíò ni kápúṣọ̀n kò lè gbà là. Tí mo bá fi ẹnu yin ọjà nínú fídíò, ẹnu náà ni mo fi ń jẹ́wọ́, mo sì ń kọ ọ́ sójú fídíò kó pẹ́ tó láti kà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò ó láìtan ohùn sí i, àwọn mìíràn sì ń gbọ́ ọ láìwò ó. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wà nínú kápúṣọ̀n nìkan, a ti padà sí ìbéèrè "Ìsàlẹ̀ ibo, Ẹ̀gbọ́n?" nìyẹn.

Pósítì báàgì jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Mo jókòó tì í bí ẹni tó gbé omi kaná. Ẹni àkọ́kọ́ béèrè bóyá kọ̀ǹpútà ńlá máa wọ àpò yẹn. Ẹnì kejì ní òun náà ní báàgì tí sípù rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé kí n fi àbẹ́là pa ojú rẹ̀ wò. Mo fi pa á, ó dẹ̀ díẹ̀. Ẹnì kẹta kọ ọ́ pé: "Mo rí i pé ìpolówó ni, mo kọjá o."

Mo tẹ ọkàn pupa sí i.